Káàdì Kò Ṣiṣẹ́ Mọ́: Bí A Ṣe Ń Sọ Ọ́ fún Oníbàárà Láìjẹ́ Kí Àyà Rẹ̀ Já

"ÌKÌLỌ̀ PÀTÀKÌ! Owó yín kò wọlé. A ó ti àkántì yín pa láàárín wákàtí 24. Ẹ tẹ líǹkì yìí kíákíá kí ẹ tún káàdì yín ṣe."

Bí irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí bá já sórí fóònù ẹnì kan ní Nàìjíríà, ọ̀kan nínú ohun méjì ló sábà máa ń ṣe sí i. Ó lè pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, kó ní àwọn gbájúẹ̀ ti tún dé. Àyà rẹ̀ sì lè já, kó tẹ líǹkì náà láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá jẹ́ iléeṣẹ́ tòótọ́ ló kọ ọ́, kò sí èyí tó ṣe é lóore nínú méjèèjì. Ẹni tó pa á rẹ́ kò ní sanwó, ẹni tó sì tẹ líǹkì náà ti kọ́ àṣà kan tí oníjìbìtì tòótọ́ máa fi mú un lọ́jọ́ mìíràn.

Láti ìgbà tí nọ́ńbà BVN ti dé lọ́dún 2014 ni àwọn oníjìbìtì ti ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri: pé BVN yín ti ní ìṣòro, pé wọ́n ti fẹ́ ti káàdì yín pa, pé kí ẹ yára pe nọ́ńbà kan. Ohun mẹ́ta ló máa ń wà nínú rẹ̀, ìhàlẹ̀, ìkánjú, àti ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ kí ẹ gbà. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Iléeṣẹ́ tó bá kó ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sínú ìwé rẹ̀ ti wọ aṣọ olè wá sí ẹnu ọ̀nà oníbàárà, kò sì yẹ kó bínú tí wọn kò bá ṣílẹ̀kùn fún un.

Àtúnkọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ la fẹ́ gbé yẹ̀ wò níbí. Kí á má baà máa sọ̀rọ̀ sínú afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní iléeṣẹ́ kan wà ní Ìbàdàn tó ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC lórí fóònù, tó ń gba ₦3,500 lóṣù. Ká ní ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀ ló ń san án fún ọmọ rẹ̀, tí iléeṣẹ́ náà sì ń gba owó yìí fúnra rẹ̀ lórí káàdì ìyá náà ní ọjọ́ kìíní oṣù. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2025, owó kò wọlé.

Báǹkì ti sọ ìdí rẹ̀

Ẹni tó fẹ́ kọ ìwé tó dáa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyá yìí kọ́kọ́ sanwó, ó tẹ nọ́ńbà iwájú káàdì, oṣù tí káàdì náà máa parí, àti nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Báǹkì wá fi OTP ránṣẹ́ sí i láti mọ̀ pé òun gan-an ni. Iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́ náà kì í tọ́jú nọ́ńbà wọ̀nyí. Iléeṣẹ́ tó ń bá a gba owó lórí ẹ̀rọ ayélujára ló ń bá a pa nọ́ńbà káàdì mọ́, tó sì fún un ní àmì kan tó lè máa fi pe káàdì náà lóṣooṣù. Nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì ní tirẹ̀, òfin àwọn oníléeṣẹ́ káàdì kò gbà kí ẹnikẹ́ni tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tí báǹkì bá ti fọwọ́ sí ìsanwó àkọ́kọ́. Ohun tí iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́ ń rí kò ju nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àti oṣù tí káàdì máa parí lọ. Nọ́ńbà mẹ́rin yìí wúlò gan-an, a ó padà sórí rẹ̀.

Nígbàkigbà tí iléeṣẹ́ bá béèrè owó, báǹkì oníbàárà máa ń dáhùn pẹ̀lú nọ́ńbà méjì. Tó bá jẹ́ 00, owó ti wọlé. Tó bá jẹ́ 51, owó tó wà nínú àkántì kò tó. Tó bá jẹ́ 54, ọjọ́ ti kọjá lórí káàdì náà. Tó bá jẹ́ 05, báǹkì kọ̀, kò sì sọ ìdí tó fi kọ̀. Tó bá jẹ́ 91, báǹkì náà ni kò sí lórí ìlà nígbà yẹn.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ní ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ fún gbogbo ìdáhùn yìí, ìwé ọ̀hún sì máa ń sọ pé "ẹ tún káàdì yín ṣe". Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 51 kò ní ohun kan tó fẹ́ tún ṣe lára káàdì, owó ló ń retí. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 91 kò ní ohunkóhun láti ṣe rárá, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì báǹkì máa padà tó bá yá. Ẹni tó gba 05 lè ní láti bi báǹkì rẹ̀ léèrè, tàbí kó lo káàdì mìíràn. Ẹni tó gba 54 nìkan ni ọ̀rọ̀ "ẹ fi káàdì tuntun sí i" kàn tààrà. Tí ẹ bá ní kí ẹni tí káàdì rẹ̀ wà láàyè wá tún un ṣe, yóò tẹ nọ́ńbà kan náà padà, owó kò ní wọlé, yóò sì wá gbà pé jìbìtì ni lóòótọ́.

Ti ìyá oníṣòwò wa jẹ́ 54. Wọ́n kọ 05/25 sí iwájú káàdì rẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé káàdì náà ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú oṣù Karùn-ún, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà. Ó ṣeé ṣe kó ti gba káàdì tuntun ní báǹkì, kó ti fi gbowó lẹ́nu ATM pàápàá, kó sì máa rò pé gbogbo ibi tó ti ń sanwó ti mọ̀. Wọn kò mọ̀. Káàdì tuntun lè ní nọ́ńbà mìíràn, kódà bí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá yí, oṣù tó wà lára rẹ̀ ti yí.

Ìwé tuntun

Íméèlì tí iléeṣẹ́ náà lè kọ sí i nìyí:

*Káàdì tí ẹ fi ń san owó ẹ̀kọ́ ti parí lóṣù tó kọjá*

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà.*

*Ní òní, ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, a fẹ́ gba ₦3,500 owó ẹ̀kọ́ oṣù yìí lórí káàdì yín tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 4417. Owó náà kò wọlé, nítorí pé oṣù Karùn-ún ni ọjọ́ káàdì náà pé. A kò yọ owó kankan.*

*Ọmọ yín ṣì lè máa kàwé bó ṣe ń kà á títí di ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà.*

*Tí ẹ bá fẹ́ fi káàdì tuntun sí i, ẹ ṣí áàpù wa lórí fóònù yín, ẹ tẹ "Owó Oṣù", kí ẹ wá tẹ "Pààrọ̀ káàdì". A kò fi líǹkì kankan sínú ìwé yìí. A kò sì ní béèrè PIN tàbí OTP yín nínú íméèlì, nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí lórí ìpè.*

*Tí ẹ kò bá fẹ́ tẹ̀ síwájú, ẹ tẹ "Dá a dúró" ní ojú kan náà. Ẹ kò jẹ wá ní gbèsè kankan.*

Ẹ wo bí ó ṣe tò ó. Àkọlé rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpariwo, ó sì dárúkọ káàdì, kò dárúkọ ẹni tó ni ín. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. "Owó yín kò wọlé, ẹ kò tíì sanwó" ń fi ìka sí oníbàárà lójú. "Káàdì ti parí" ń fi ìka sí nǹkan tó máa ń parí fún gbogbo èèyàn.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rí dé. Iye owó, ọjọ́, àti nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára káàdì. Ìyá náà lè fa káàdì rẹ̀ àtijọ́ yọ nínú àpò, kó wò ó, kó rí 4417, kó sì rí 05/25. Gbájúẹ̀ tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lẹ́ẹ̀kan kì í sábà mọ nọ́ńbà wọ̀nyí. Àmọ́ ẹ̀rí yìí nìkan kò tó, torí pé nọ́ńbà mẹ́rin lè jáde lára rìsíìtì POS tí èèyàn jù nù. Ìdí nìyẹn tí ìwé náà kò fi ní líǹkì kankan. Kò ní kí ìyá náà gba ọ̀nà tí ìwé náà là sílẹ̀. Ó ní kó gba ẹnu ọ̀nà tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn áàpù tó ti wà lórí fóònù rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti forúkọ sílẹ̀. Bí ìwé náà bá tiẹ̀ jẹ́ ayédèrú, ẹni tó bá ṣe ohun tó sọ kò ní pàdánù kọ́bọ̀. Yóò kàn bá ara rẹ̀ nínú áàpù tòótọ́, kó sì rí i pé kò sí ìṣòro kankan níbẹ̀.

Ìnáwó kékeré kan wà nínú èyí. Áàpù ọ̀hún gbọ́dọ̀ ní ojú ibi tí ìwé náà ń sọ, pẹ̀lú orúkọ kan náà gan-an. Tí ìwé bá sọ "Owó Oṣù", tí áàpù wá kọ "Ìsanwó Mi", ìyá náà yóò wá a tì, yóò sì pe iléeṣẹ́. Ẹni tó ń kọ ìwé yìí ní láti mú fóònù, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ojú kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kọ ọ́.

Gbólóhùn nípa ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ló ń pa ìkánjú. Ohun tó ń já èèyàn láyà jù nínú irú ìwé yìí ni pé kò mọ ohun tó máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ àti ìgbà tó máa bọ́. Ìwé àtijọ́ sọ pé àkántì yóò tì, oníbàárà sì lè rò pé àkántì báǹkì òun ni wọ́n ń sọ. Ìwé tuntun sọ ohun tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó sì fi ọjọ́ sí i.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn kò dùn mọ́ ọ̀pọ̀ oníṣòwò nínú, torí ó dà bí ẹni ń lé owó lọ. Àmọ́ ohùn rere ní í yọ obì lápò. Oníbàárà tó mọ̀ pé òun lè dá a dúró wọ́ọ́rọ́wọ́ kò ní láti lọ bá báǹkì pé kí wọ́n dínà káàdì òun, èyí tó jẹ́ ìyọnu ńlá fún iléeṣẹ́ náà.

Tí owó bá kéré ńkọ́?

Ẹni tó gba 51 ń fẹ́ ìwé mìíràn, òun ló sì gba ìfarabalẹ̀ jù. Ẹ má ṣe kọ ọ́ sí i pé owó kò sí nínú àkántì rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń hàn lójú fóònù kódà nígbà tí fóònù bá wà ní títì. Ọmọ lè rí i, ọ̀gá lè rí i, ẹni tó jókòó tì í nínú dánfó náà lè rí i. Ohun tó tó láti sọ ni pé báǹkì kò fọwọ́ sí owó náà lónìí, pé káàdì rẹ̀ kò ní ìṣòro, àti pé a ó tún béèrè lọ́jọ́ báyìí-báyìí, kó lè ti gbára dì tàbí kó fi káàdì mìíràn sí i.

Ọjọ́ tí a fẹ́ tún béèrè ní láti bá ìgbésí ayé àwọn oníbàárà mu. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà sábà máa ń wọlé láàárín ọjọ́ 25 sí òpin oṣù. Ẹni tí káàdì rẹ̀ kọ̀ lọ́jọ́ 23, ẹ ò bá dúró dìgbà tí owó oṣù bá wọlé kí ẹ tó tún gbìyànjú, dípò kí ẹ máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lójoojúmọ́. Báǹkì mìíràn máa ń fi àlẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí oníbàárà ní gbogbo ìgbà tí káàdì bá kọ̀, èyí á wá di ìpayà lórí ìpayà. Àwọn oníléeṣẹ́ káàdì pàápàá ti fi ààlà sí i: Visa kò gbà kí wọ́n gbìyànjú ju ìgbà 15 lọ láàárín ọjọ́ 30 lórí owó kan náà.

Ní ti 91, ìwé kankan kò yẹ kó jáde kíákíá. Ẹ jẹ́ kí wákàtí díẹ̀ kọjá, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ agbowó bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yọrí sí. Ìdí rẹ̀ ni ohun kan tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó ń sanwó lórí fóònù ti mọ̀: owó lè ti kúrò lọ́dọ̀ oníbàárà kó má tíì dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò. Nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, gbólóhùn "a kò yọ owó kankan" lè di irọ́. Ẹ sọ ọ́ pé: "Tí ẹ bá ti gba àlẹ́ẹ̀tì pé báǹkì ti yọ ₦3,500, ẹ má tún san án. Ẹ fi ọjọ́ àti aago tó wà lórí àlẹ́ẹ̀tì náà ránṣẹ́ sí wa." Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, pàṣẹ lọ́dún 2020 pé kí báǹkì dá irú owó tó há sọ́nà lórí POS tàbí lórí ayélujára padà láàárín wákàtí 72. Ó yẹ kí ìwé náà mẹ́nu bà á, kí oníbàárà lè mọ ibi tó máa lọ béèrè.

Àtẹ̀jíṣẹ́ àti àmì orí lẹ́tà

Kì í ṣe gbogbo oníbàárà ló ń ka íméèlì. Àtẹ̀jíṣẹ́ ló ń dé ọ̀dọ̀ ìyá tó wà lọ́jà, àmọ́ ó ní ìṣòro tirẹ̀ fún àwa tó ń kọ Yorùbá. Ojú-ìwé àtẹ̀jíṣẹ́ kan máa ń gba lẹ́tà 160, ìyẹn nígbà tí gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ bá wà nínú àwọn tí fóònù ń lò fún àtẹ̀jíṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ kò sí nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni àmì ₦ pàápàá. Tí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn bá wọ inú ọ̀rọ̀, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà máa bọ́ sí lẹ́tà 70 lójú-ìwé kan. Ojú-ìwé ni iléeṣẹ́ ń san owó lé lórí, nítorí náà àtẹ̀jíṣẹ́ tó yẹ kó jẹ́ ẹyọ kan lè di mẹ́ta.

Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ kó wọ ojú-ìwé kan lè tẹ̀ ẹ́ báyìí:

```
Kaadi yin to pari si 4417 ti koja ojo re. Owo osu yii, N3,500, ko wole. Omo yin si le kawe titi di 10/6. E si aapu wa, e te Owo Osu, ki e paaro kaadi.
```

Lẹ́tà 150 ni, pẹ̀lú àlàfo àárín rẹ̀. Orúkọ iléeṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀ nítorí pé ibi tí nọ́ńbà ẹni tó fi ránṣẹ́ máa ń wà ló yẹ kó wà, ibẹ̀ sì ń gba lẹ́tà 11. A kò sì kọ "owo eko", torí pé láìsí àmì, ẹnì kan lè kà á sí owó ìlú Èkó. Ẹni tó ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i gbọ́dọ̀ ka gbólóhùn rẹ̀ sókè ní ọ̀nà tó burú jù tí wọ́n lè gbà kà á, kó tó fi ránṣẹ́. Íméèlì àti ojú áàpù kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni kí àmì pé sí.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́?

Iye àwọn tó sanwó nìkan kọ́ ni ká kà. Ẹ tún ka àwọn tó pe iléeṣẹ́ láti béèrè pé "Ṣé ẹ̀yin lẹ fi eléyìí ránṣẹ́?", torí pé ìpè yẹn ni ìwé àtijọ́ máa ń fà jù. Ẹ ka àwọn tó tẹ káàdì kan náà padà, torí pé àwọn ni ìwé tí kò bá ọ̀rọ̀ wọn mu dé ọ̀dọ̀ wọn. Tí ẹ bá sì fẹ́ fi ìwé tuntun wé ti àtijọ́, ẹ pín àwọn oníbàárà tó gba ìdáhùn kan náà sí méjì lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó bá fi ìwé àtijọ́ ti ọjọ́ 15 wé ìwé tuntun ti ọjọ́ 29, owó oṣù ló ń wọ̀n, kì í ṣe ìwé.

Ìwé tó dáa jù fún ti 54 kò tiẹ̀ yẹ kó dúró de ọjọ́ tí owó kọ̀. Iléeṣẹ́ ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé 05/25 ni. Ìwé ṣókí kan ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Karùn-ún, tó sọ pé káàdì tó parí sí 4417 yóò parí lópin oṣù yìí, pé ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí tuntun bá dé, ì bá ti gba ìyá oníṣòwò wa lọ́wọ́ gbogbo èyí.

Tí ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà bá wá dé láìsí káàdì tuntun, ìwé ìkẹyìn kò nílò ìhàlẹ̀. Kó sọ pé ẹ̀kọ́ dúró láti ọ̀la, pé iṣẹ́ tí ọmọ ti ṣe wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ kan tí wọ́n dárúkọ, àti pé ọ̀nà láti padà ni "Owó Oṣù" nínú áàpù. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀kọ́ náà dúró lóòótọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ. Iléeṣẹ́ tó bá ń sọ wákàtí 24, tó wá ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kún un, ti kọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n má ka ọjọ́ tó bá dá sí nǹkan kan.